Kí ni kí n kọ sára ọ̀rá bisikíìtì tí mo yan nílé?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ mà. Bisikíìtì ẹlẹ́pà ni mo ń yan nílé tí mo ń tà. Orúkọ rẹ̀ nìkan ló wà lára ọ̀rá. Oníbàárà kan ní kí n kọ èròjà rẹ̀, ọjọ́ tí mo dì í àti bó ṣe lè pẹ́ tó. Báwo ni kí n ṣe kọ ọ́?

Ìdáhùn: Ìdí òṣùwọ̀n ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ wọn gbogbo ohun tí ẹ ń pò pọ̀, kí ẹ wá to orúkọ wọn láti orí èyí tó wúwo jù. Ká ní ìyẹ̀fun jẹ́ gíráàmù 500, máágárínì 250, ṣúgà 200, ẹ̀pà lílọ̀ 150, ẹyin 100, pẹ̀lú iyọ̀ díẹ̀. Ẹ lè kọ ọ́ báyìí: "Ìyẹ̀fun àlìkámà, máágárínì (òróró, omi, mílíìkì, sóyà), ṣúgà, ẹ̀pà, ẹyin, iyọ̀."

Inú àkámọ́ yẹn ni wàhálà máa ń wà. Ara ike máágárínì fúnra rẹ̀ lẹ ti máa ka ohun tó wà nínú rẹ̀, torí kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló rí bákan náà. Nígbà kan, n kò rí irú èyí tí mo máa ń lò rà, mo bá ra òmíràn láìka ara rẹ̀. Ìgbà tí ìyá kan bi mí bóyá mílíìkì wà níbẹ̀ ni mo tó lọ gbé ike náà wò. Ó wà níbẹ̀ gbangba, bẹ́ẹ̀ "kò ní mílíìkì" ni mo kọ sára ọ̀rá 40. Látìgbà náà, mi ò ra máágárínì kankan láì kà á tán.

Lábẹ́ èròjà, ẹ tún fi lẹ́tà ńlá kọ àwọn èyí tí ara àwọn kan kì í gbà: àlìkámà, mílíìkì, sóyà, ẹ̀pà, ẹyin. Tí ẹ bá ń yan bisikíìtì tí kò lẹ́pà lórí páànù kan náà, ẹ kọ ọ́ sára tiẹ̀ pé ibi tí a ti ń lo ẹ̀pà la ti yan án. Iná ààrò kì í pa ohun tí ara àwọn kan kì í gbà nínú ẹ̀pà.

Ní ti ọjọ́, ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ yan án mọ́ ọjọ́ tí ẹ dì í. Èyí tí ẹ yan ní Ajé tí ẹ sì dì ní Ọjọ́bọ̀ ti lo ọjọ́ mẹ́ta kó tó wọ ọ̀rá.

Ẹ má wo ara bisikíìtì ilé iṣẹ́ kọ iye ọ̀sẹ̀ tí tiyín máa lò. Ẹ di ọ̀rá mẹ́fà láti inú àyanpọ̀ kan, ẹ tọ́jú wọn síbi tí oníbàárà máa ń gbé e sí, kí ẹ máa tú ọ̀kan wò lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Tí kò bá ro kàù lẹ́nu mọ́, atẹ́gùn ti wọ̀ ọ́. Tó bá ń rùn bí òróró tó ti pẹ́, òróró inú rẹ̀ ló ti bàjẹ́. Ká ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún lèyí ṣẹlẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni kí ẹ kọ. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá rí ìrì nínú ọ̀rá lọ́jọ́ tí ẹ dì í, gbígbóná lẹ dì í, yóò hu funfun láìpẹ́: ẹ má tà á.

Gbólóhùn tó kù kò ju báyìí lọ: "Ẹ gbé e síbi tútù tí oòrùn kò dé. Tí ẹ bá ti tú u, ẹ dà á sínú ike tó ní ìdérí tó dé pinpin, kí ẹ jẹ ẹ́ tán láàárín ọjọ́ márùn-ún." Ọjọ́ márùn-ún yẹn náà, ẹ kọ́kọ́ dán an wò.