Fífá kọ́ ni yóò mú irun hù níbi tó pá: ohun tí mo rí nínú fọ́tò yín

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, dókítà. Ọmọ ọdún 31 ni mí. Irùngbọ̀n mi kò kún ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún láti bí oṣù 2. Onígbàjámọ̀ mi ní kí n máa fá a kodoro títí yóò fi kún, ó sì ti gẹ́ ti òsì kí méjèèjì lè dọ́gba. Mo tún ń fi aáyù pa á. Ẹ wo fọ́tò mi: ṣé kí n máa fá a lọ, àbí kí n yí ìlà rẹ̀ padà?

Ìdáhùn: Kí a tó sọ̀rọ̀ ìlà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ pa abẹ àti aáyù tì lónìí. Irùngbọ̀n tí kò kún kọ́ ni mo rí nínú fọ́tò yín. Irùngbọ̀n tó ti kún tẹ́lẹ̀, tí ojú kan sì ṣẹ̀ṣẹ̀ pá nínú rẹ̀, ni mo rí, ọ̀tọ̀ sì ni ìtọ́jú àwọn méjèèjì. Ọ̀rọ̀ fífá yìí ń bí mi nínú, nítorí pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ọ̀sẹ̀ kan tí ọkùnrin kan kì í jókòó síwájú mi pẹ̀lú ojú tí abẹ ti bó, tí yóò sì sọ pé wọ́n ní kí òun máa fá a lọ ni.

Irun tí ẹ ń rí lókè awọ ti kú. Kò ní ẹ̀jẹ̀, kò sì mọ ìrora, ìdí nìyẹn tí kì í fi í dùn yín bí wọ́n bá ń gẹ́ ẹ. Gbòǹgbò rẹ̀ ni ó wà láàyè, inú ihò irun lábẹ́ awọ ni gbòǹgbò náà sì wà, níbi tí abẹ kì í dé, nítorí náà kò sí ohun tí yóò sọ fún un pé wọ́n ti gé irun lókè. Ohun tó ń tan àwọn ènìyàn jẹ ni pé irun tí a kò gé rí máa ń tín-ínrín lọ sí ṣóńṣó orí rẹ̀, ṣùgbọ́n àárín ibi tó nípọn ni abẹ ti ń gé e, tí orí rẹ̀ yóò sì di pẹrẹsẹ. Bí irun bẹ́ẹ̀ bá tún yọ, yóò máa gún ọwọ́, yóò sì dàbí ẹni pé ó ki ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mildred Trotter, onímọ̀ nípa ẹ̀yà ara ní Amẹ́ríkà, fi ojú ẹ̀rọ wo irùngbọ̀n àwọn ọkùnrin tó ń fá a ní ọdún 1928, kò sì rí i pé fífá mú kí irun nípọn sí i tàbí kí ó yára hù sí i. Ohun kejì ni pé ìgbà ọ̀dọ́ ni ọ̀pọ̀ ọkùnrin ń bẹ̀rẹ̀ sí í fá irùngbọ̀n, ìgbà yẹn gan-an ni ó sì ń kún fúnra rẹ̀, títí di nǹkan bí ọmọ ọdún 30 fún àwọn mìíràn. Iṣẹ́ ọjọ́ orí ni, abẹ ni wọ́n ń gbé oríyìn rẹ̀ fún.

Ẹ wá wo fọ́tò yín pẹ̀lú mi. Irun tó yí ojú tó pá náà ká gùn tó nǹkan bí mílímítà 3. Irùngbọ̀n sábà máa ń hù ní nǹkan bí ìdá 3 sí 4 nínú ìdá 10 mílímítà lójúmọ́, nítorí náà mo lè sọ pé ẹ fá a ní bí ọjọ́ 8 sí 10 kí ẹ tó ya fọ́tò náà. Tó bá jẹ́ pé irun wà lójú tó pá náà tí abẹ gé e, a ó ti rí i tí òun náà yọ, tàbí ká tiẹ̀ rí tóótòòtó dúdú wẹ́wẹ́ ti ìdí irun lábẹ́ awọ. Kò sí èyíkéyìí níbẹ̀. Ó ń dán, ó rí roboto bí ẹyọ owó, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni ó wà, etí rẹ̀ sì dá pátápátá. Létí rẹ̀ lápá òkè, mo rí irun kúkúrú mẹ́ta tí ìdí wọn tín-ínrín, tí orí wọn sì nípọn, bí àmì ìyanu tí a fi ń parí gbólóhùn.

Àmì wọ̀nyí ń tọ́ka sí ohun tí àwa oníṣègùn awọ ń pè ní àlópẹ́síà àríétà. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ara, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti bá kòkòrò àrùn jà, ni wọ́n ṣì gbòǹgbò irun mú, tí wọ́n ń bá a jà, tí irun náà fi ń jábọ́. Kì í ràn, ẹnikẹ́ni kò sì gé irun yín lójú oorun. Irùngbọ̀n tí kò kún láti ilẹ̀ wá kì í rí báyìí: ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì tàbí igun ẹnu méjèèjì ló sábà máa ń kàn, irun múlọ́múlọ́ máa ń wà níbẹ̀, etí rẹ̀ kì í sì í dá gedegbe. Tó bá jẹ́ làpálàpá ni, awọ ibẹ̀ ìbá máa ṣí bí èépá, tàbí kí ó máa yún yín, kí ó sì lé rorẹ́ tó ní ọyún.

Mo ní láti sọ ọ́ kedere pé fọ́tò kì í ṣe àyẹ̀wò, n kò sì lè kọ oògùn fún yín láti inú fọ́tò. Ẹ lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn awọ, kí ó wo orí yín, bóyá ojú mìíràn ti pá níbẹ̀, kí ó sì wo èékánná yín, nítorí pé àìsàn yìí lè dá ihò wẹ́wẹ́ sí i lára. Bí ó bá jẹ́ ohun tí mo rò ni, ojú kékeré kan bíi tiyín sábà máa ń hù padà láàárín ọdún kan láìlo oògùn kankan. Bí ẹ kò bá fẹ́ dúró, oníṣègùn lè fún yín ní abẹ́rẹ́ sítẹ́rọ́ìdì díẹ̀díẹ̀ sínú awọ ibẹ̀ gan-an, ní ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 síra wọn. Ẹ má ṣe ra ìpara sítẹ́rọ́ìdì ní ìgboro fún un. Ó lè bó àwọ̀ ojú yín, ó sì lè sọ awọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́.

Aáyù ni ó ń bà mí lẹ́rù jù. Ó máa ń jó awọ bí iná, òun ni mo sì fura sí fún àbàwọ́n dúdú tí mo rí lápá ìsàlẹ̀ ojú tó pá náà. Nínú àlópẹ́síà àríétà, gbòǹgbò irun kò tíì kú, ìdí nìyẹn tí irun fi lè padà. Bí ìjóná bá wọlé tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi di àpá, gbòǹgbò tó wà níbẹ̀ kú nìyẹn, irun kò sì ní hù níbẹ̀ mọ́.

Ní ti ìlà, onígbàjámọ̀ yín ti gẹ́ irun tó dára kúrò ní òsì láti bá àìsàn ọ̀tún mu, bí ojú náà bá sì fẹ̀ sí i, yóò tún ní láti gẹ́ sí i. Ẹ jẹ́ kí ti òsì hù padà. Ìlà ọrùn náà ti gòkè jù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan egungun àgbọ̀n, rorẹ́ sì ti lé lábẹ́ rẹ̀. Irun wa tó ń ká ni ó fà á: bí wọ́n bá fa awọ le kí wọ́n tó fá a, orí irun náà yóò sá wọ abẹ́ awọ, yóò sì ká padà gún un láti inú. Ìka méjì sókè gògóńgò ni kí ìlà náà wà. Fún ọ̀sẹ̀ 4 ó kéré tán, ẹ̀rọ ìgẹ̀run tó fi mílímítà 1 sílẹ̀ ni kí ẹ lò, kì í ṣe abẹ.

Irun tí yóò kọ́kọ́ yọ lójú tó pá náà lè funfun. Ẹ má ṣe fá a, ẹ má sì pa á láró; àwọ̀ rẹ̀ sábà máa ń padà bó bá yá.