Pífọ́ọ̀tì òní: aago wo ló parí àná?

Ìbéèrè: Èkó ni mo wà, yúrò sí dọ́là ni mò ń tà. Báwo ni mo ṣe máa ṣírò pífọ́ọ̀tì, iye àárín tí a fi ń wo ibi tí ọjà ti lè yí padà, kí ló dé tí tèmi kì í bá ti ọ̀rẹ́ mi mu?

Ìdáhùn: Ro iye tó ga jù, èyí tó kéré jù àti iye ìparí àná pọ̀, kí o pín in sí mẹ́ta, aago tí ẹ fi parí ọjọ́ ló sábà máa ń fa ìyàtọ̀.

```
P  = (H + L + C) / 3
R1 = 2P - L
S1 = 2P - H
```

Ká ní H, iye tó ga jù, jẹ́ 1.0920, L, èyí tó kéré jù, jẹ́ 1.0860, C, iye ìparí, sì jẹ́ 1.0905. P, ìyẹn pífọ́ọ̀tì, á jẹ́ 1.0895, ìdènà àkọ́kọ́ (R1) 1.0930, àtìlẹ́yìn àkọ́kọ́ (S1) 1.0870.

Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ Niu Yọ́ọ̀kì ni ọ̀pọ̀ oníṣòwò fi ń parí ọjọ́. Ní Èkó, aago mẹ́wàá alẹ́ nìyẹn, tàbí mọ́kànlá ní ìgbà òtútù wọn. Bí ẹ̀rọ rẹ bá ń parí ọjọ́ ní aago méjìlá òru, ó lè ya ọjọ́ Àìkú sọ́tọ̀ fún wákàtí díẹ̀. Má fi ìyẹn ṣírò ti ọjọ́ Ajé, torí gbogbo ìlà á sún mọ́ra jù. Ti ọjọ́ Ẹtì ni kí o lò. Lọ́jọ́ tí ìròyìn ńlá bá jáde, iye lè gba inú gbogbo ìlà wọ̀nyí kọjá láìdúró.