Owó ọlọ́kadà àti èènì

"Ẹ̀yin tí ẹ ń tajà lórí Wọ́sáàpù ní Ìlọrin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Ọṣẹ dúdú àti òrí ni mo ń tà. Tí mo bá ti dárúkọ owó ọlọ́kadà báyìí, oníbàárà á kàn dákẹ́ ni. Ṣé kí n máa san owó yẹn fúnra mi, àbí kí n ní ẹni tó bá rajà dé iye kan kò ní san? Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, iye wo?"

Ẹ kú ọjà o. Híjáàbù ni mo ń tà ní Gáà Àkànbí, ó ti lé ní ọdún márùn-ún báyìí. Gbogbo ọ̀nà tí ẹ dárúkọ yẹn ni mo ti gbà, owó sì ti bọ́ lọ́wọ́ mi lójú ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Iye tí mo ń tà á lónìí ni màá fi ṣàlàyé, torí iye ti àtijọ́ ti di ìtàn, àmọ́ ìṣirò rẹ̀ ò yí padà.

Èmi ni mo kọ́kọ́ ń san owó ọlọ́kadà fúnra mi. Mo kọ ọ́ gàdàgbà sórí Wọ́sáàpù pé ọ̀fẹ́ la ó gbé ọjà dé ilé yín. Ọjà yá! Ó ku díẹ̀ kí àwẹ̀ bẹ̀rẹ̀, fóònù mi ò sinmi. Ìgbà tí mo fẹ́ lọ ra ọjà tuntun ni mo rí i pé owó ò pé. Mo kọ́kọ́ fura sí ọmọ tó ń bá mi dì í, kí Ọlọ́run dárí jì mí. Ìgbà tí mo jókòó ti ìwé àti bírò ni ojú mi là. Híjáàbù kan, ₦2,800 ló ń ná mi pẹ̀lú ọ̀rá tí mo fi ń dì í. ₦4,000 ni mo ń tà á, èrè mi jẹ́ ₦1,200. Ọlọ́kadà tó ń gbé e lọ sí Tankẹ sì ń gba ₦1,500. Ẹni tó bá ra ẹyọ kan, ṣe ni mo ń fi ₦300 lé e lọ́wọ́ pé ó ṣeun tó gba híjáàbù mi.

Èyí tó tún burú jù ni pé ọ̀fẹ́ yẹn ló kọ́ wọn láti máa ra ẹyọ kan. Ọmọ yunifásítì kan á ra dúdú lọ́jọ́ Ajé, á tún ra aláwọ̀ eérú lọ́jọ́bọ̀. Kí ló fẹ́ tìtorí ẹ̀ kó wọn pọ̀, nígbà tí kì í ṣe òun ló ń sanwó ọkọ̀? Ìgbà méjì ni mo san ₦1,500 lórí èrè ₦2,400.

Mo wá fọgbọ́n gbé owó náà sínú ọjà. Híjáàbù di ₦5,500, "ọ̀fẹ́" ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ra ẹyọ kan, ó dọ́gba. Ṣùgbọ́n ẹni tó ra mẹ́ta ti san owó ọlọ́kadà lẹ́ẹ̀mẹta fún ìrìnàjò kan, àwọn tó ń ra púpọ̀ yìí kan náà ló sì mọ iye tí wọ́n ń tà á ní ọjà. Àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ lọ. Àwọn aládùúgbò tó ń fẹsẹ̀ rìn wá gbà á nílé mi náà bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí pé ọlọ́kadà wo ló gbé e fún àwọn. Mi ò rí ìdáhùn.

Nígbà tó yá, mo dá iye rẹ̀ padà sí ₦4,000, oníbàárà ń san owó ọlọ́kadà tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí dídákẹ́ tí ẹ ní wọ́n máa ń dákẹ́, torí ojú mi rí i náà. Kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ pé owó yẹn pọ̀. Ó ti fi ọkàn sí ₦4,000, ó ti wo owó inú àpò rẹ̀, ẹ wá ní ₦5,500. Lójú tirẹ̀, ẹ ti fowó lé ọjà. Láti ìgbà tí mo ti ń kọ owó ọlọ́kadà sábẹ́ àwòrán, àdúgbò kan lẹ́yìn èkejì, ẹni tó bá kọ̀wé sí mi ti mọ ohun tó ń bọ̀ wá san. Àwọn tó ń dákẹ́ dín kù gan-an, mi ò sì tíì fún ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Ẹ ṣe ìyẹn ná kí ẹ tó ronú ọ̀fẹ́ rárá.

Ó wá kan ti pé ẹni tó bá rajà dé iye kan kò ní san. Èènì ni mo máa ń fi wé. Ìyá alátà ní Ìpátà kì í bu èènì fún ẹni tó ra ẹyọ ata kan, ẹni tó bá ra dáadáa ló ń bù fún. Ohun tó sì ń bù kò gbọdọ̀ ju èrè tó rí lórí ohun tí onítọ̀hún rà kún un. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti ṣìnà.

Mo ṣí ìwé mi, mo rí i pé láti ìgbà tí wọ́n ti ń sanwó ọlọ́kadà fúnra wọn, híjáàbù méjì ni ọ̀pọ̀ wọn ń rà lẹ́ẹ̀kan. Mo ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá ra mẹ́ta, ìyẹn ₦12,000, kò ní sanwó ọlọ́kadà. Wọ́n ń ra mẹ́ta lóòótọ́, inú mi ń dùn. Àmọ́ ẹ wò ó. Ẹni tó ra méjì tó sì sanwó ọlọ́kadà tirẹ̀ fi èrè ₦2,400 sílẹ̀ fún mi. Ẹni tó ra mẹ́ta fi ₦3,600 sílẹ̀, mo yọ ₦1,500 níbẹ̀, ó ku ₦2,100. Mo ta ọjà púpọ̀ sí i, èrè mi dín ní ₦300! Híjáàbù kẹta mú ₦1,200 wá, ó sì gbé ₦1,500 lọ. Tí ẹ bá ń wo iye ọjà tí ẹ tà nìkan, ẹ ò ní rí i láéláé. Èrè tó kù lẹ́yìn ìrìnàjò ọlọ́kadà kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ máa kọ sílẹ̀. Èmi pín ojú ewé sí mẹ́ta: iye èrè, iye tí mo san fún ọlọ́kadà, iye tó kù.

Ìdí nìyí tí mo fi gbé e dé mẹ́rin. Èrè ₦4,800, yọ ₦1,500, ó ku ₦3,300, ó sì ju ₦2,400 lọ dáadáa. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé mẹ́rin ni wọ́n ti ń rà tẹ́lẹ̀, ₦1,500 tiwọn yẹn bọ́ lọ́wọ́ mi lásán. Wọn ò pọ̀, mo gbà á bẹ́ẹ̀. Tí àwọn tó ń ra púpọ̀ bá wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ tiyín, ẹ gbé e ga ju ibi tí wọ́n wà lọ.

Ṣùgbọ́n láti méjì dé mẹ́rin jìn fún ọmọ iléèwé. Ọlọ́kadà tí mo ń lò ló yanjú ìyẹn. Lọ́jọ́ kan ó ní, "Àǹtí, ẹ máa kó ti Tankẹ jọ, tó bá ti pé márùn-ún, mo lè gba ₦1,000 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan." Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Jímọ̀ la wá ń gbé ti Tankẹ àti Òkè-Odò. Ẹ tún ìṣirò náà ṣe: híjáàbù mẹ́ta, èrè ₦3,600, yọ ₦1,000, ó ku ₦2,600. Mẹ́ta tó ń pa mí lára lánàá ti ń lérè. Bí mo ṣe ń ṣe é dòní nìyẹn. Ẹni tó bá lè dúró de ọjọ́ méjèèjì yẹn, mẹ́ta ti tó fún ọ̀fẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ lójú ẹsẹ̀, àfi mẹ́rin. Àwọn ọmọ yunifásítì tún máa ń kó ara wọn jọ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì láti rà á pọ̀. Àwọn kan rò pé mi ò ní fẹ́ ẹ, ó sì dùn mọ́ mi, torí ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni ọkàdà máa dúró sí.

Ẹ kọ orúkọ àdúgbò tí ọ̀fẹ́ dé. Èmi kọ "Ìlọrin" nígbà kan, ẹnì kan ra mẹ́rin, ó ní Ìlọrin lòun wà. Ìgbà tí ọlọ́kadà pè é, ó ti dé Màlété. ₦4,000 ni mo san, ₦800 ló kù fún mi lórí híjáàbù mẹ́rin. Kò parọ́ o, lójú ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ iléèwé ibẹ̀, Ìlọrin náà ni. Fún àwọn ará Ọ̀fà àti Òmù-Àrán tí mo ń fi ọjà rán awakọ̀ sí ní gáréèjì, mi ò pè é ní ọ̀fẹ́. Mo ní tó bá ra mẹ́rin, mo fi ₦1,500 sí owó awakọ̀, kó san ìyókù.

Ó tún ku ọjà olówó ńlá. Mo máa ń bá ẹnì kan ta jalábíà ₦18,000, ₦2,000 péré sì ni tèmi níbẹ̀. Tí mo bá fi owó ka ọ̀fẹ́, ẹyọ kan ti kọjá ₦16,000 tí híjáàbù mẹ́rin jẹ́, ₦500 ló máa kù sí mi lọ́wọ́. Iye híjáàbù ni mo wá ń kà, jalábíà ò sí níbẹ̀. Ẹni tó bá sì ra mẹ́rin lọ́fẹ̀ẹ́ tó dá méjì padà, màá yọ owó ọlọ́kadà kúrò nínú owó tí màá dá padà fún un. Mo máa ń sọ ọ́ kó tó sanwó, kó má di ìjà.

Ní ti ọṣẹ àti òrí yín, ẹ ya èrè wọn sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí ẹ tó mú iye kankan. Ká ní èrè ọṣẹ kan jẹ́ ₦300, tí ọlọ́kadà sì ń gba ₦1,500, ọṣẹ márùn-ún lórí ohun tí wọ́n ti ń rà tẹ́lẹ̀ ló máa kàn san owó ọlọ́kadà, ẹ ò tíì jèrè kọ́bọ̀ lórí ọ̀fẹ́ náà. Ìkẹfà ló bẹ̀rẹ̀ èrè. Tó bá jẹ́ méjì méjì ni wọ́n ń rà, mẹ́jọ nìyẹn, ta ló sì ń ra ọṣẹ mẹ́jọ fún ara rẹ̀? Nínú irú èyí, èmi ò ní ṣe ọ̀fẹ́ fún ẹni tó ń ra fún ìlò ara rẹ̀. Àwọn tó ń rà á láti lọ tún tà nìkan ni màá ṣe é fún, màá sì máa kó ẹrù jọ kí owó ọlọ́kadà lè wálẹ̀ fún àwọn yòókù.

Kí n tó gbàgbé, iye yẹn kì í dúró sójú kan. Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo lọ́dún 2023, ọlọ́kadà mi fowó kún un láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Èmi ò tún ìṣirò mi ṣe, oṣù méjì gbáko ni mo fi ń pín èènì tí mi ò ní.