Fẹ́dà kọ́ ló máa gbà ọ́

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Kọ́sítọ́mà mi ní kí n fi àbúrò òun obìnrin tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù kún fọ́tò ẹbí tí wọ́n yà lórí Òkè Olúmọ, kí n sì pààrọ̀ ojú ọ̀run ẹ̀ torí pé ó funfun jù. Mo ti fa gírédíẹ́ńtì sí i ní Fọ́tòṣọ́ọ̀pù, mo lo fẹ́dà 20 píkísẹ́lì kí etí ẹ̀ lè rọ̀, mo gbé e dé 40, síbẹ̀ ó ń ṣe bíi pé gọ́ọ̀mù ni mo fi lẹ̀ ẹ́. Fẹ́dà mélòó gan-an ni kí n lò?

Ìdáhùn: Àbúrò, fún obìnrin yẹn, fẹ́dà 1, ó sì lè má tó 1 pàápàá. Àmọ́ nọ́ńbà kọ́ ni ìṣòro ẹ, tó o bá sì gba nọ́ńbà yìí lọ lásán, wàá tún padà wá.

Ọ̀rọ̀ fẹ́dà yìí ti ń sú mi, mi ò ní purọ́. Àwọn kan wà lórí Wáṣáàpù tí wọ́n ń ta páàkì gírédíẹ́ńtì fáwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́, wọ́n á ní téèyàn bá ṣáà ti jẹ́ kí etí fọ́tò rọ̀ dáadáa, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé ṣe ni wọ́n sò ó pọ̀. Irọ́ ni, àwọn ọmọ sì ń fi owó ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti dòdò wọn rà á. Kí etí rọ̀ kì í jẹ́ kí fọ́tò méjì di ọ̀kan, lọ́pọ̀ ìgbà òun gan-an ló ń tú àṣírí.

Wò ó báyìí. Másìkì kì í po fọ́tò pọ̀, iṣẹ́ kan péré ló ń ṣe: ó ń sọ fún léyà, ìyẹn fọ́tò kọ̀ọ̀kan tó o gbé léra, pé ibí ni kó o hàn, ọ̀hún ni kó o fara pamọ́. Ibi tó bá funfun lára másìkì, fọ́tò á hàn níbẹ̀, ibi tó bá dúdú á pamọ́, ibi tó bá jẹ́ àwọ̀ eérú á hàn láàbọ̀. Fẹ́dà àti gírédíẹ́ńtì, àwọ̀ eérú yẹn náà ni àwọn méjèèjì ń bá ẹ kùn, ìyẹn ni pé wọ́n ń ṣí ibì kan sílẹ̀ tí fọ́tò méjèèjì ti ń hàn lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tó yẹ kó o bi ara ẹ ni pé kí ló wà níbi tó ń hàn láàbọ̀ yẹn.

Mo ṣí fáìlì tó o fi ránṣẹ́, mo sún un dé 100%, mo wo etí gèlè obìnrin náà. Gèlè aṣọ òkè ni, etí ẹ̀ mú bí abẹ, ògiri tó wà lẹ́yìn ẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù sì fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun. Fẹ́dà 40 tó o lò gbòòrò gba ìta, ó tún gbòòrò gba inú. Níta, ògiri Lọ́ńdọ̀nù ló fà wọlé wá sórí Olúmọ, ìdí nìyẹn tí nǹkan funfun kan fi yí orí ẹ̀ ká bí agbo òṣùpá. Nínú, ó ti sọ etí gèlè di bíi ọ̀rá, mò ń rí páànù Abẹ́òkúta gba inú aṣọ òkè kọjá! Gèlè tó le gbagidi kì í rọ̀ létí bí òwú, ojú ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa Fọ́tòṣọ́ọ̀pù pàápàá á sọ fún un pé nǹkan kan ò dáa níbẹ̀, bí kò tiẹ̀ lè sọ nǹkan ọ̀hún.

Torí náà, pa másìkì yẹn rẹ́, kó o gé obìnrin yẹn látilẹ̀. Bí etí ohun kan bá ṣe rí gan-an nínú fọ́tò ni kí etí másìkì ẹ̀ náà rí. Gèlè, èjìká, ìró, gbogbo ìyẹn etí tó mú ni, fẹ́dà kékeré bíi 0.5 sí 1 ti tó nínú fọ́tò tó fẹ̀ tó 4000 píkísẹ́lì. Irun tó yọ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí ẹ̀ nìkan lo máa fi bírọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ṣe lọ́tọ̀. Tí ògiri yẹn bá ṣì ń yọjú fín-ín-fín lẹ́yìn ìyẹn, kun dúdú wọ inú díẹ̀, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀ pé gèlè ti fi píkísẹ́lì méjì kéré sí i.

Gírédíẹ́ńtì ní ibi tó wúlò sí o, ojú ọ̀run tó o fẹ́ pààrọ̀ yẹn gan-an ni. Ibi tí gírédíẹ́ńtì ti ń ṣiṣẹ́ ni ibi tí ohun kan náà wà nínú fọ́tò méjèèjì, ojú ọ̀run pẹ̀lú ojú ọ̀run, omi pẹ̀lú omi, ìkùukùu pẹ̀lú ìkùukùu, torí nígbà náà tí méjèèjì bá hàn láàbọ̀ kò sóhun tó máa dà bí iwin. Ọlọ́run sì bá ẹ ṣe é, fọ́tò Olúmọ yẹn jọ ti ìgbà ọyẹ́, àwọn páànù tó dípẹtà yẹn ń lọ títí wọ́n fi wọnú kùrukùru lọ́nà jíjìn, kùrukùru yẹn fúnra ẹ̀ gírédíẹ́ńtì ni.

Gbé fọ́tò ojú ọ̀run tuntun sókè léyà Olúmọ, fi Layer Mask sí i, rí i dájú pé másìkì lo tẹ̀ kì í ṣe fọ́tò fúnra ẹ̀ (ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyẹn, wọ́n á wá kun dúdú sórí fọ́tò gan-an). Tẹ D kí àwọ̀ padà sí funfun àti dúdú, tẹ G, yan Foreground to Background àti Linear, di Shift mú, kó o fà á láti òkè wá sísàlẹ̀, kó dúró gẹ́lẹ́ síbi tí páànù tó jìnnà jù ti bẹ̀rẹ̀. Nínú fáìlì ẹ yìí, màá fà á tó bíi 500 sí 700 píkísẹ́lì. Tó o bá fà á kúrú jù, wàá rí ìlà kan tó gba ojú ọ̀run já, tó o bá fà á gùn kọjá orí páànù, àwọsánmà á máa léfòó lórí ilé onílé. Lẹ́yìn náà, di Alt mú kó o tẹ àwòrán másìkì, másìkì nìkan á hàn, wàá rí ohun tó o ṣe láìsí pé fọ́tò ń tàn ẹ́. Àpáta tó yọ sókè lápá ọ̀tún yẹn, gírédíẹ́ńtì ò mọ̀ pé àpáta ni, á jẹ́ kí àwọsánmà gba inú ẹ̀ kọjá, bákan náà lá ṣe sí orí àti èjìká àwọn ẹbí tó yọ sójú ọ̀run, torí náà mú bírọ́ọ̀ṣì líle, kun dúdú sí gbogbo ibẹ̀ lórí másìkì.

Ó yá, ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Ká ní o tiẹ̀ gé obìnrin yẹn bí ẹni fi abẹ gé e, á ṣì dà bíi pé o lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn ni, torí pé oòrùn wà lápá òsì nínú fọ́tò ẹbí yẹn, òjìji imú gbogbo wọn ṣú sápá ọ̀tún, òjìji wọn nà sórí àpáta, àmọ́ òun, abẹ́ ojú ọ̀run tó ṣú ló wà, ìmọ́lẹ̀ bà á níbi gbogbo bákan náà, kò ní òjìji kankan. Kò sí másìkì tó ń yí oòrùn padà.

Àwọn baba wa tó ń ya fọ́tò mọ èyí kí kọ̀ǹpútà tó dé ọ̀dọ̀ wa. Nígbà yẹn, lágbègbè bíi Ìlá-Ọ̀ràngún, tí ọ̀kan nínú ìbejì bá ti kú kí wọ́n tó ya fọ́tò, wọ́n máa ń ya èyí tó kù, wọ́n á fọ nẹ́gátíìfù ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sórí pépà kan náà kó dà bíi pé Táyé àti Kẹ́hìndé jókòó ti ara wọn. Tí wọ́n bá jẹ́ akọ àti abo, wọ́n á ya ọmọ yẹn lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú aṣọ ọkùnrin, lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú aṣọ obìnrin. Kò sí gírédíẹ́ńtì kankan lọ́wọ́ wọn, síbẹ̀ àwọn èèyàn ń gbà á gbọ́, torí pé ìmọ́lẹ̀ kan náà ni, kámẹ́rà kan náà, ìjókòó kan náà, ìlà àárín nìkan ló kù tí wọ́n ní láti fi pamọ́.

Torí náà sọ fún kọ́sítọ́mà ẹ kí àbúrò ẹ̀ tún fọ́tò yẹn yà. Má tijú, ó yá ju kó o fi alẹ́ mẹ́ta tún un ṣe lọ. Kó dúró síta lọ́jọ́ tí oòrùn bá yọ, kí oòrùn wà lápá òsì ẹni tó ń yà á, kí ẹni náà di fóònù mú ní ìwọ̀n àyà, kó má sún mọ́ ọn jù, kí ẹsẹ̀ ẹ̀ hàn. Ìwọ̀n àyà yẹn kì í ṣe àsọdùn. Wo fọ́tò Olúmọ yẹn, ibi tí ojú ọ̀run ti pàdé ilẹ̀ lọ́nà jíjìn gba àyà gbogbo àgbàlagbà tó dúró níbẹ̀ kọjá, ohun tó ń sọ fún ẹ ni pé ibẹ̀ ni kámẹ́rà wà. Tó o bá fẹ́ mọ bó o ṣe máa gbé obìnrin yẹn tóbi tó, kí ìlà yẹn gba àyà òun náà, tó bá jẹ́ pé ó ga tó wọn. Nínú èyí tó o ṣe, ọrùn ẹ̀ ni ìlà yẹn gbà kọjá, ìdí nìyẹn tó fi dà bí ọmọdé tó wọ aṣọ ìyá ẹ̀.

Bí ò bá lè tún un yà, fọ́tò ẹbí ni kó o pààrọ̀, fi obìnrin yẹn sílẹ̀ bó ṣe wà. Bèèrè bóyá wọ́n ya òmíràn lábẹ́ ibòji àpáta, tàbí lásìkò tí oòrùn ò tíì jáde. Ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ á bá tiẹ̀ mu, wàá sì ṣe é láàárín wákàtí kan.

Ìgbà tí ìmọ́lẹ̀ bá ti bára mu ni kó o tó kan àwọ̀. Gbé léyà Black & White sókè pátápátá fún ìgbà díẹ̀, kó o fi ibi tó dúdú jù lára obìnrin yẹn wé ibi tó dúdú jù lára àwọn tó kù. Tí tiẹ̀ bá mọ́lẹ̀ jù, fi Curves sórí léyà ẹ̀, tẹ Ctrl+Alt+G kó lè jẹ́ òun nìkan ló kàn, fa ìsàlẹ̀ ẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, lẹ́yìn náà yọ Black & White kúrò. Òjìji abẹ́ bàtà ẹ̀, léyà tuntun tó wà ní Multiply, kó dúdú gan-an níbi tí bàtà ti kan àpáta, kó máa fúyẹ́ bó ṣe ń jìnnà, kó sì kọrí síbi tí òjìji àwọn yòókù kọrí sí.

Mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà bó ṣe máa jáde lórí pépà o, ẹ̀rọ kálukú yàtọ̀. Fọ kékeré kan wò kó o tó fọ ńlá, torí agbo funfun tí fóònù ò fi hàn mí nígbà kan, inú férémù ńlá ní pálọ̀ oníbàárà ni mo ti rí i. Nǹkan mìíràn tún nìyí, bi kọ́sítọ́mà yẹn léèrè ohun tó fẹ́ fi fọ́tò yìí ṣe. Tó bá jẹ́ fún ògiri, kò burú. Tó bá jẹ́ pé wọ́n fẹ́ fi kún ìwé físà láti fi hàn pé wọ́n jọ wà pọ̀, dá owó wọn padà, má ṣe é, torí tí wọ́n bá mú wọn, orúkọ ẹ ni wọ́n máa dá.

Fi fáìlì PSD ránṣẹ́ tó o bá ti rí fọ́tò tuntun gbà, kó o má pa àwọn léyà pọ̀ kó o tó fi ránṣẹ́.