Àpèkọ Lárúbáwá: ة tàbí ه?

Tí ààfáà bá ń pe ọ̀rọ̀, báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá ة ni mo máa kọ sí ìparí àbí ه? Ìró gígùn náà ń dà mí láàmú.

Má dúró lórí ọ̀rọ̀ náà, fi "un" kún un kí o pè é jáde. مدينة, ìyẹn ìlú, á di "madiinatun": o gbọ́ "t", ة nìyẹn. مياه, ìyẹn omi, á di "miyaahun": "h" ló jáde, ه ni. Tí a bá dúró, "h" làwọn méjèèjì ń dún.

Ní ti ìró gígùn, máa fi ìka kan tábìlì: kíkàn kan fún kúkúrú, méjì fún gígùn. جمل ni ràkúnmí, جمال ni ẹwà. Álífù kan péré ló yà wọ́n. Ṣùgbọ́n ṣọ́ra fún هذا: a máa ń fa "haa" rẹ̀, síbẹ̀ a kì í kọ álífù sẹ́yìn ه yẹn. Irú èyí, àkọ́sórí ni.