Kọnfátíbù nóòtì àti ìpín olùdásílẹ̀

Ìbéèrè: Mo yá 200,000 dọ́là lórí kọnfátíbù nóòtì, ìyẹn gbèsè tó máa di ìpín nínú iléeṣẹ́ mi. Ìpín mélòó ló máa kù sí mi lọ́wọ́ tí olùdókòwò ńlá bá wọlé?

Ìdáhùn: Káàpù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò, ìyẹn iye tó ga jù tí wọ́n lè ka iléeṣẹ́ yín sí nígbà tí gbèsè náà bá ń di ìpín. Ká ní ìpín 8,000,000 lẹ ní, káàpù jẹ́ 4,000,000 dọ́là, ẹ̀dínwó jẹ́ ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún, èlé sì jẹ́ ìdá 8 lọ́dún. Lẹ́yìn ọdún kan, gbèsè ti di 216,000 dọ́là.

Olùdókòwò tuntun wá mú 2,000,000 dọ́là wá, ó ní iléeṣẹ́ tó 8,000,000 dọ́là kí owó òun tó wọlé. Ìpín kan di dọ́là kan. Ẹ̀dínwó á jẹ́ kí ẹni tó yá yín lówó rà á ní sẹ́ǹtì 80, káàpù á jẹ́ kó rà á ní sẹ́ǹtì 50, torí 4,000,000 dọ́là la pín sí ìpín 8,000,000. Èyí tó dínwó jù ló máa mú: ìpín 432,000. Tiyín di ìdá 76.7 nínú gbogbo ìpín 10,432,000.

Ṣùgbọ́n olùdókòwò tuntun sábà máa ń fẹ́ kí wọ́n ka ìpín nóòtì mọ́ 8,000,000 dọ́là yẹn. Iye ìpín kan á já sí nǹkan bíi sẹ́ǹtì 95, òun á gba ìdá 20 gééré, tiyín á sì wálẹ̀ sí ìdá 75.9. Ẹ bèèrè èyí kẹ́ ẹ tó fọwọ́ síwèé. Tí nóòtì bá ju ẹyọ kan lọ, gbogbo wọn lẹ máa ṣírò pọ̀.