Ibo ló yẹ kí ojú tuntun ti yọ nínú fídíò bábà?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní ṣọ́ọ̀bù bábà ní Ṣágámù, mo dẹ̀ máa ń gbé fídíò àwọn kọ́sítọ́mà mi sórí TikTok, bí orí wọn ṣe rí kí n tó gẹ̀ ẹ́ àti bó ṣe rí lẹ́yìn ẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ mi mọ́, àmọ́ àwọn èèyàn kì í wò ó dé ibi tó dùn. Ibo nínú fídíò ni kí n ti jẹ́ kí wọ́n rí ojú tuntun yẹn? Ìyàwó mi tó ń dirun náà fẹ́ mọ̀ ọ́n.

Ìdáhùn: Àbúrò mi, mo ti wo èyí tó o fi ránṣẹ́ sí mi, ti bọ̀dá tí irùngbọ̀n ẹ̀ kún dé ọrùn yẹn. Sẹ́kọ́ǹdì 35 ni gbogbo ẹ̀, ó dẹ̀ di sẹ́kọ́ǹdì 33 ká tó rí ojú ẹ̀ lẹ́yìn tó o gẹ̀ ẹ́ tán. Ẹni tó bá fi sùúrù dúró, sẹ́kọ́ǹdì méjì péré lo fún un láti fi wo iṣẹ́ tó gbà ẹ́ tó wákàtí kan, kó tó ráyè wo ibi tí fẹ́ẹ̀dì yẹn ti wọ irùngbọ̀n, fídíò ti padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Àmọ́ ìyẹn nìkan kọ́ ló ń lé wọn lọ o. Ní sẹ́kọ́ǹdì 12, níbi tó o ti ń fi bíléèdì la iwájú orí ẹ̀, o gbé fóònù síwájú ẹ̀ gan-an, gbogbo ojú ẹ̀ la rí, a rí i pé iwájú orí ti mú, a rí i pé ẹ̀gbẹ́ ti mọ́, kí la tún fẹ́ dúró dè? Ó dà bí ẹni tó ń pa àlọ́ tó sọ bí ìjàpá ṣe bọ́ nínú ọ̀ràn kó tó dé àárín.

Torí náà nǹkan méjì ni: ojú tuntun gbọ́dọ̀ yọ kó tó di òpin, kò dẹ̀ gbọdọ̀ tíì jò síta kó tó yọ.

Ti àkọ́kọ́ rọrùn. Tí fídíò bá jẹ́ sẹ́kọ́ǹdì 30, jẹ́ kó yọ láàárín sẹ́kọ́ǹdì 18 sí 20. Nígbà yẹn ẹni tó ń wò ti rí iṣẹ́ tó pọ̀ tó láti fẹ́ mọ bó ṣe máa rí, ìwọ náà dẹ̀ ṣì ní bíi sẹ́kọ́ǹdì mẹ́wàá tó o máa fi jẹ́ kó wò ó tẹ́rùn. Tó bá yọ ní sẹ́kọ́ǹdì 8, ìfẹ́ ọkàn yẹn ò tíì dìde, wọ́n á kàn rí ọkùnrin tó gẹrun, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tó bá jẹ́ fídíò kékeré oní-sẹ́kọ́ǹdì 15, sẹ́kọ́ǹdì 8 tàbí 9 tó.

Ti ìkejì ló ń fẹ́ ìṣọ́ra, ìgbà tó o bá ń yàwòrán lo sì ti máa ṣe é, torí ohun tó bá ti jò nínú kámẹ́rà, CapCut ò lè dí i. Ṣó o mọ̀ pé fẹ́ẹ̀dì ló ń gba àkókò jù lọ́wọ́ wa, àmọ́ ìlà iwájú orí àti ti irùngbọ̀n ló ń yí ojú èèyàn padà lójú ẹni tí kì í ṣe bábà. Èèyàn lè rí fẹ́ẹ̀dì títí kó má mọ nǹkan tó ti yí padà, àmọ́ gbàrà tí ìlà bá ti mú, ojú ti di tuntun nìyẹn. Nítorí ẹ̀, tó o bá ń ṣe fẹ́ẹ̀dì, fi ẹ̀yìn orí àti ẹ̀gbẹ́ hàn wá bó ṣe wù ẹ́, àmọ́ tó bá ti kan ìlà, sún mọ́ ọn débi pé bíléèdì àti nǹkan bí ìka méjì nínú ara rẹ̀ nìkan ló máa wà nínú fóònù, kí ojú àti imú má hàn rárá. Kí dígí ẹ̀yìn ẹ náà má tú ẹ fó o, mo ti rí fídíò tí bábà fi ara pamọ́ dáadáa tí dígí sì ti sọ gbogbo ẹ̀.

Ní ti ìbẹ̀rẹ̀, má kọ́kọ́ gbé orúkọ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀. Ojú ọkùnrin yẹn bó ṣe wọlé ni kó kọ́kọ́ jáde, kó kọjú sí wa, fún sẹ́kọ́ǹdì méjì. Kó o tó da aṣọ bò ó ni kó o ti yà á, kó o lẹ séló mọ́ ilẹ̀ níbi tí sítáǹdì fóònù dúró sí, torí ibẹ̀ náà ló máa dúró sí tó o bá ń ya ojú tuntun, àga kan náà, iná kan náà. Tí ti àkọ́kọ́ bá ṣókùnkùn tí ti ìkejì sì mọ́lẹ̀ rekete, wọ́n á ní fílítà ló ṣiṣẹ́, wọn ò ní gbà pé ọwọ́ ẹ ni.

Ní báyìí, bí mo ṣe máa to ti bọ̀dá yẹn rèé. Ojú ẹ̀ bó ṣe wọlé, sẹ́kọ́ǹdì méjì. Kílípà tó ń wọ ẹ̀yìn orí, irun tó ń já bọ́, kó sáré, sẹ́kọ́ǹdì mẹ́fà. Fẹ́ẹ̀dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí, sẹ́kọ́ǹdì márùn-ún. Bíléèdì lórí ìlà, má jẹ́ kó sáré níbí, sẹ́kọ́ǹdì márùn-ún, kí wọ́n gbọ́ ìró ẹ̀. Lẹ́yìn náà kí gbogbo ìró dákẹ́ fún bíi ààbọ̀ sẹ́kọ́ǹdì, kó o fa aṣọ ọrùn ẹ̀ kúrò kó gba iwájú fóònù kọjá. Tó o bá ń to fídíò nínú CapCut, ibi tí aṣọ ti bo lẹ́ǹsì pátápátá ni kó o ti tẹ Split, kó o so ó mọ́ èyí tí aṣọ ti ń ṣí kúrò lójú lẹ́ǹsì, tí ọkùnrin yẹn ti jókòó pẹ̀lú ojú tuntun, kí orin sì wọlé níbẹ̀. Sẹ́kọ́ǹdì 19 nìyẹn. Má fi ẹ̀fẹ́ẹ̀tì kankan sí i, má mi fóònù, jẹ́ ká kàn wò ó fún sẹ́kọ́ǹdì mẹ́ta. Kó wá rọra yí orí sọ́tùn-ún, kó yí i sósì, sẹ́kọ́ǹdì mẹ́rin. Kó tún wo ara ẹ̀ nínú dígí, sẹ́kọ́ǹdì mẹ́ta, bó bá rẹ́rìn-ín ó dáa, má ní kó díbọ́n. Ibẹ̀ ni kó o gé e, má wá fi "ẹ fọ́lò mi" kún un.

Àwọn kan máa ń fi ojú tuntun hàn fìrí níbẹ̀rẹ̀ láti fi fà wọ́n. Tí irun kọ́sítọ́mà bá kún bíi ti bọ̀dá yìí, kò nílò ẹ̀, irun yẹn fúnra ẹ̀ ti ń fà wọ́n. Ẹni tí irun ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ burú tẹ́lẹ̀ ni mo máa ń ṣe é fún, ẹ̀yìn orí nìkan dẹ̀ ni, kò ní pé sẹ́kọ́ǹdì kan, ojú ò gbọdọ̀ hàn.

Ìyàwó ẹ tó o ní ó ń dirun, ibi tó ti ń ri ìdí átáṣímẹ́ǹtì bọ omi gbígbóná ni kó fi rọ́pò aṣọ tó ń bo lẹ́ǹsì yẹn. Kí èéfín omi yẹn bo lẹ́ǹsì, kó gé e síbẹ̀, kí obìnrin náà wá yí orí kí irun fì.

Tó o bá ti gbé e síta, dúró bí ọjọ́ méjì kó o wọ Analytics, wo ìlà tó ń sọ ibi táwọn èèyàn ti ń já kúrò. Tó bá já wálẹ̀ ní sẹ́kọ́ǹdì mẹ́ta àkọ́kọ́, ojú tó o fi bẹ̀rẹ̀ ni kò fà wọ́n. Tó bá já láàárín, kílípà pọ̀ jù, dín in kù, tàbí kó o wò ó bóyá ojú ti jò níbì kan. Tí wọ́n bá ń já lẹ́yìn tí ojú tuntun ti yọ, ìyẹn ò burú rárá, wọ́n ti rí ohun tí wọ́n wá wò, ó ṣeé ṣe kó o kàn gé sẹ́kọ́ǹdì méjì kúrò lẹ́yìn.

Ti bọ̀dá yìí, má pa á rẹ́. Yọ ibi sẹ́kọ́ǹdì 12 yẹn kúrò, tó bá sì jẹ́ sẹ́kọ́ǹdì méjì yẹn nìkan lo yà nígbà tó gẹ̀ ẹ́ tán, wá fótò tó o yà fún un kó tó lọ, fi méjì sí i, sẹ́kọ́ǹdì mẹ́ta mẹ́ta, iwájú lákọ̀ọ́kọ́ kí ẹ̀gbẹ́ tẹ̀ lé e.